Ìdọ́gba tó ṣe é yà sọ́tọ̀ àti èyí tó ṣe rẹ́gí: bí a ṣe ń dá wọn mọ̀, àti ibi tí a ti ń ṣì í

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Àwa mẹ́ta la jọ ń ka ìṣirò ní Ọ́ńdà G, l'Ógbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní ká yanjú dy/dx = (2xy + 3)/(1 − x²), kí y jẹ́ 2 nígbà tí x bá jẹ́ 0. Mo kọ ọ́ bí M dx + N dy = 0, mo dán an wò bóyá ∂M/∂y bá ∂N/∂x dọ́gba, torí ìgbà náà ló ṣe rẹ́gí: ∂M/∂y fún mi ní 2x, ∂N/∂x fún mi ní −2x, mo bá ní kò ṣe rẹ́gí. Ọ̀rẹ́ mi ní ó ṣe rẹ́gí, àmọ́ x²y + 3x + x²y − y = C ló rí, èyí náà ò sì bá ìdáhùn inú ìwé mu. Ta ló ṣì í nínú wa?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ṣì í, ibi tí ẹ ti ṣì í ló yàtọ̀. Ìdọ́gba yìí ṣe rẹ́gí lóòótọ́.

Àmì ló da tìrẹ rú. Tí o bá fi (1 − x²) sọ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì di púpọ̀, tí o wá kó gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ohun tó yẹ kí o rí nìyí:

```
(2xy + 3)dx − (1 − x²)dy = 0
M = 2xy + 3
N = x² − 1
```

Àmì ìyọkúrò tó wà níwájú àkámọ́ kejì, ti N ni. Ìwọ fi í sílẹ̀, o mú 1 − x² gẹ́gẹ́ bí N, ìdí nìyẹn tí −2x fi jáde. Nígbàkígbà tí ìdánwò bá fún ọ ní ohun méjì tó jọra, tó jẹ́ pé àmì nìkan ló yà wọ́n, má tíì pinnu. Padà lọ wo bí o ṣe kó wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Pẹ̀lú N = x² − 1, ∂M/∂y jẹ́ 2x, ∂N/∂x náà jẹ́ 2x. Ó parí.

Ti ọ̀rẹ́ rẹ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ṣe íńtígíréètì M ní ti x, ó ṣe ti N ní ti y, ó wá ro méjèèjì pọ̀. Rántí ohun tí à ń wá: fọ́ńṣọ̀n F kan ṣoṣo, tó jẹ́ pé bí a bá dífíréńṣíéètì rẹ̀ ní ti x, M ni yóò jáde, bí ó bá sì jẹ́ ní ti y, N ni. Nínú F yìí, ẹyọ tó ní x àti y pọ̀, bíi x²y, máa fara hàn nínú M, ó sì máa fara hàn nínú N. Bí o bá wá ro íńtígírà méjèèjì pọ̀, o ti ka ẹyọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó ṣe yẹ kí ó ṣe é ni pé kó bẹ̀rẹ̀ láti ara M nìkan, kó di y mú bíi nọ́ńbà lásán:

```
F = x²y + 3x + h(y)
```

Ẹ má fi C síbẹ̀ dípò h(y). Nígbà tí a dífíréńṣíéètì ní ti x, ohunkóhun tó jẹ́ y nìkan ti pòórá, nítorí náà ohun tó sọnù lè ní y nínú. Ẹ wá dífíréńṣíéètì F yìí ní ti y, kí ẹ sì fi wé N:

```
x² + h'(y) = x² − 1
h'(y) = −1
h(y) = −y
```

Ẹ wò ó bí x² ṣe pa x² rẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni mo máa ń tẹ ojú mọ́ jù nínú iṣẹ́ yìí: h'(y) kò gbọdọ̀ ní x kankan nínú. Bí x bá ṣẹ́ kù síbẹ̀, ẹ má tẹ̀síwájú. Yálà ìdọ́gba náà ò ṣe rẹ́gí, tàbí ẹ ti ṣi íńtígíréètì àkọ́kọ́ ṣe.

Ó wá di x²y + 3x − y = C. Fi x = 0 àti y = 2 síbẹ̀, C á jẹ́ −2. Bí ẹ bá yọ y jáde, y = (3x + 2)/(1 − x²) ni, láàárín x = −1 sí x = 1 nìkan. Ẹ kọ ààlà yẹn sílẹ̀ pẹ̀lú ìdáhùn, torí pé ìlà tó gba ibi x = 0 kọjá ò lè ré x = 1 kọjá.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, bóyá kí n yà á sọ́tọ̀ ni àbí kí n dán ti rẹ́gí wò? Nígbà míì mo lè fi ogún ìṣẹ́jú wá bí màá ṣe ya x kúrò lára y.

Ìdáhùn: Kọ ọ́ bí dy/dx = f(x, y). Ó ṣe é yà sọ́tọ̀ bí f bá jẹ́ ohun tó ní x nìkan lọ́nà ohun tó ní y nìkan. Bí ojú ò bá tètè rí i, mú x méjì àti y méjì, kí o wo bóyá f(a, b) × f(c, d) bá f(a, d) × f(c, b) dọ́gba. Fún x + xy, lo 1 àti 2 fún x àti y: 2 × 6 = 12, 3 × 4 = 12. Wọ́n dọ́gba, o sì rí i pé x(1 + y) ni lóòótọ́. Fún x + y: 2 × 4 = 8, 3 × 3 = 9. Kò dọ́gba, má wulẹ̀ ṣe wàhálà yíyà mọ́. Bí wọn ò bá dọ́gba, ọ̀rọ̀ ti tán. Bí wọ́n bá dọ́gba, ó ṣì yẹ kí o fa àkámọ́ náà jáde kó dá ọ lójú.

Bí kò bá ṣe é yà, ìgbà náà ni kí o wá M àti N. Má ṣe pín in kí o tó dán an wò. Ìdọ́gba òkè yẹn, bí o bá fi í sílẹ̀ bí (2xy + 3)/(1 − x²) dx − dy = 0, N á jẹ́ −1, ∂N/∂x á sì di 0, nígbà tí ∂M/∂y jẹ́ 2x/(1 − x²). Ìdọ́gba kan náà ni, àmọ́ bí a ṣe kọ ọ́ yìí kò ṣe rẹ́gí. Nítorí náà, mú ìpín kúrò kí o tó sọ pé kò ṣe rẹ́gí.

Ìbéèrè: Láti Ọ̀yọ́ ni mo ti ń kọ̀wé. dy/dx = 2xy², y(0) = 0. Mo yà á sọ́tọ̀, mo rí y = −1/(x² + C), ṣùgbọ́n kò sí C tó lè fún mi ní 0.

Ìdáhùn: Kí o tó lè yà á, o ní láti fi y² pín in. Nígbà tí o fi y² pín in, o ti gbà pé y kì í ṣe 0, bẹ́ẹ̀ sì ni y = 0 gan-an ni ìdáhùn tí wọ́n ń bèèrè. Fi síbẹ̀ kí o wò ó: ọwọ́ òsì jẹ́ 0, ọwọ́ ọ̀tún náà jẹ́ 0. Kí o tó fi ohunkóhun tó ní y pín, béèrè pé y wo ló ń sọ ọ́ di 0, kí o kọ wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ìwé.

Ká ní y(0) = 1 ni wọ́n fún ọ, C á jẹ́ −1, y á jẹ́ 1/(1 − x²). Òun náà ò kọjá x = 1. Kò sí ohunkóhun nínú 2xy² tó lè kìlọ̀ fún ọ nípa ààlà yìí. Ara ìdáhùn nìkan lo ti lè rí i.