Ẹ Má Fi Iṣẹ́ Arénjà Rán Ẹnjiníà Míkìsì: Àṣìṣe Tó Ń Jẹ Owó Àwọn Olórin Wa

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká mi lára tipẹ́. Láti Ṣágámù dé Ìjẹ̀bú-Igbó, àwọn olórin ń gbé fáìlì wá pé kí n bá àwọn tún orin ṣe. Ẹ ó rí i pé wọ́n ti san owó míkìsì lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, orin ò sì yàtọ̀. Owó náà ò ní padà wá mọ́. Ẹni tí kò yẹ ni wọ́n ń bẹ̀ níṣẹ́. Arénjà ló ń to ohun tí ohun èlò kọ̀ọ̀kan máa lù àti ìgbà tó máa lù ú; ẹnjiníà míkìsì ló ń da àwọn ohùn tí a ti gbà sílẹ̀ pọ̀ di orin kan. Àwọn àṣìṣe tí mo ń rí nìyí:

1. Kí ẹ gba bíìtì lọ́wọ́ ẹnì kan, kí ẹ wá gbà pé ẹ ti ní pùrodúsà. Pùrodúsà ló ń gbé gbogbo orin lórí. Òun ló ń yan kíì tó bá ọ̀fun akọrin mu, òun ló ń sọ pé kí orin yára tàbí kó falẹ̀, òun ló mọ onílù tó yẹ kí a pè. Bí ẹ bá kọ ẹsẹ kan nígbà mẹ́fà, òun ló máa sọ pé ẹ̀kẹta ni ká mú. Ẹni tó ṣe bíìtì lè ṣe gbogbo èyí náà, bó bá dúró tì yín. Ṣùgbọ́n bó bá kàn fi bíìtì ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù, tí kò gbọ́ ohùn yín rí, ẹ ò tíì ní pùrodúsà.

2. Kí ẹ fi MP3 ránṣẹ́ fún míkìsì. WAV ló yẹ kí ẹ fi ránṣẹ́, 24-bit, kí gbogbo fáìlì bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan náà.

3. Kí ẹ rò pé míkìsì lè wá àyè tí arénjà kò fi sílẹ̀. Èyí ló ń dùn mí jù.

Ẹ gbọ́ ti ẹgbẹ́ akọrin ìjọ kan ní Ṣágámù. Ọmọbìnrin tó ń lé orin wọn ní ohùn gidi. Àmọ́ nígbà tí mo ṣí fáìlì, oníkíbọ́ọ̀dù ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gìtá ń jó lókè rẹ̀, fèrè ń dáhùn lẹ́yìn gbogbo ìlà, gángan ń dáhùn níbẹ̀ náà, àwọn elégbè ò sì sinmi. Ọmọ náà ní, "Bọ̀dá, àwọn èèyàn ò gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ohùn mi sókè." Ẹnjiníà tó ṣe é ṣáájú mi ti gbé e sókè ná. Ohùn ti bo gbogbo orin, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ò yé èèyàn.

Gángan ló fa apá kan. Gángan ń sọ̀rọ̀. Bí onígángan bá ń ki èèyàn lásìkò tí akọrin ń pe ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ẹni méjì ni etí wa ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí bọ́tìnnì tó lè là wọ́n. Apá kejì ni ọwọ́ òsì oníkíbọ́ọ̀dù, tó lọ jókòó sí ibi tí gìtá béèsì wà, láàárín nǹkan bíi 80 sí 200 Hz. Ìsàlẹ̀ orin wá ń hó, béèsì ò sì dá yàtọ̀.

Mo pe ọ̀gá akọrin wọn, a jókòó ti bébà. A kọ ìṣẹ́jú orin sókè, a to orúkọ ohun èlò sí ẹ̀gbẹ́, a sì ń fàmì sí ibi tí olúkúlùkù ti ń dún. Ní ẹsẹ kìíní, gbogbo wọn ló ní àmì lójú kan náà. A wá ní kí gángan máa dáhùn lẹ́yìn ìlà kejì àti ìkẹrin nìkan. Fèrè á dákẹ́ títí di ègbè. Oníkíbọ́ọ̀dù á gbé ọwọ́ òsì kúrò, á sì gbé ti ọ̀tún lọ sí ókítéèfù òkè. Elégbè á máa wọlé ní ìparí ìlà. Gìtá la ò fọwọ́ kàn. Nígbà tí wọ́n tún un lù tán, ṣe ni mo tún dín ohùn ọmọbìnrin náà kù, torí ó ti pọ̀ jù. Iṣẹ́ arénjà nìyẹn, ọ̀gá akọrin ló sì ṣe é.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá míkìsì ló kù tàbí títò orin, ẹ pa gbogbo ohun èlò, ẹ fi ohùn, béèsì àti ìlù nìkan sílẹ̀. Ẹ dín spíkà kù dáadáa, kí ẹ máa dá àwọn yòókù padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù, ẹ ti mú ẹni náà. Ẹ dín in kù ní 2 tàbí 3 dB. Bí ọ̀rọ̀ bá yé padà, míkìsì á yanjú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ ní láti dín in kù títí a ò fi gbọ́ ọ mọ́, kó má lù níbẹ̀ rárá.

Nígbà tí Hárúnà Ìṣọ̀lá dá sítúdíò Phontrack sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní 1979, tírákì 24 ló wà níbẹ̀, ìyẹn àyè mẹ́rìnlélógún tí a lè gba ohùn sí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nǹkan ńlá sì ni lásìkò náà. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ń gba ìlọ́po rẹ̀ báyìí, ni gbogbo èèyàn bá ń lù láìsinmi.

4. Kí ẹ gba ohùn àti gángan sílẹ̀ nínú yàrá kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ wá ní kí ẹnjiníà yà wọ́n. Gángan ti wọ máíkì akọrin. Bí mo bá gbé ohùn sókè, gángan ń bá a bọ̀.

Iṣẹ́ másítà, ìyẹn ẹni tó ń ṣe àṣekágbá orin lẹ́yìn míkìsì, náà yàtọ̀ sí míkìsì. Másítà kò lè dín fèrè nìkan kù, torí gbogbo orin ti di fáìlì kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wá ku orúkọ ẹ̀yìn àwo. Ẹgbẹ́ Ṣágámù yẹn kan náà fi èyí tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ hàn mí. Alàgbà tó gbówó sílẹ̀ ni wọ́n kọ sí Produced by, wọ́n so orúkọ tèmi mọ́ ọn, wọ́n wá ju ọ̀gá akọrin sí Special Thanks. Mo ní kí wọ́n yọ mí kúrò níbẹ̀. Mixed by ni tèmi. Ẹni tó gbé owó sílẹ̀ ni Executive Producer. Ọ̀gá akọrin ló yan kíì, ló yan èyí tí a mú nínú ohùn, ló sì to fèrè àti elégbè, nítorí náà Produced by àti Arranged by jẹ́ tirẹ̀. Bó bá jẹ́ fèrè nìkan ló tò, Horns arranged by là bá kọ. Ẹni tó gbé máíkì kalẹ̀ tó gba ohùn sílẹ̀ ni Recorded by.

Ẹ wo àwo Thriller ti Michael Jackson, 1982. Quincy Jones ni pùrodúsà, Bruce Swedien ló ṣe míkìsì, Jerry Hey wà lára àwọn tó to fèrè, Rod Temperton ló sì kọ orin tó fún àwo náà lórúkọ. Arénjà pàtàkì ni Quincy Jones fúnra rẹ̀ kó tó di pùrodúsà, síbẹ̀ iṣẹ́ tí olúkúlùkù ṣe níbẹ̀ ni wọ́n kọ fún un.

Ẹ má sì kọ arénjà sí Written by láìjẹ́ pé ó bá yín kọ orin, torí ìlà yẹn ni owó ẹni tó kọ orin ń gbà kọjá. Lọ́tọ̀ ni ti orin tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti tán, ìyẹn lẹ́yìn 70 ọdún tí ẹni tó kọ ọ́ ti kú, gẹ́gẹ́ bí òfin wa. Ẹni tó bá tún irú orin ìyìn àtijọ́ bẹ́ẹ̀ tò lè fi orúkọ sílẹ̀ fún títò tirẹ̀, kò kàn lè sọ pé òun ló kọ orin.

Alàgbà ò kọ́kọ́ gbà. Ó rò pé bí orúkọ òun bá kúrò ní Produced by, owó òun ti wọ gbó. Mo tọ́ka sí ìlà tí àmì ℗ wà nísàlẹ̀ ìwé náà: ibẹ̀ la ti ń mọ ẹni tó ni ohùn tí a gbà sílẹ̀, © sì wà fún àwòrán àti ìwé ara àwo. Ìlà ℗ ṣófo. Wọ́n ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. A kọ orúkọ ìjọ síbẹ̀ pẹ̀lú ọdún, a sì kọ ìpín alàgbà sínú ìwé àdéhùn tí gbogbo wọn fọwọ́ sí.