Ẹ wọn lẹ́ńtìlì kó tó kan omi: abọ́ kan tí purotéènì inú rẹ̀ pé 30 gírámù láìsí ẹran

Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Ṣómólú ti jáwọ́ nínú ẹran àti ẹja. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ kí i, ó gbé òṣùwọ̀n kékeré sórí tábìlì, ó ń bu lẹ́ńtìlì, irú ẹ̀wà kékeré pẹlẹbẹ kan, tó ti jinná sínú abọ́ títí òṣùwọ̀n fi ka 80 gírámù, ó wá kọ ọ́ sínú fóònù rẹ̀ pé purotéènì 19 gírámù lòun fẹ́ jẹ. Purotéènì inú abọ́ yẹn kò ju 7 lọ. Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kò sì mọ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í gan-an nìyẹn, òun ni mo sì fẹ́ dúró lé lórí. Ìyókù kò le.

Iye tí wọ́n sábà máa ń lò fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá ni 0.8 gírámù purotéènì lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n. Ẹni tó bá wọn kílò 75 nílò 60 gírámù, ìdajì rẹ̀ la fẹ́ kó sínú oúnjẹ alẹ́ kan. Aláboyún àti ẹni tó ń gbé irin á nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kídìnrín ń yọ lẹ́nu, dókítà rẹ̀ ni kó sọ iye tí yóò jẹ.

Fún ẹnì kan, ohun tí mo máa ń lò nìyí: lẹ́ńtìlì gbígbẹ 80 gírámù, ìrẹsì tí a kò tíì sè 80 gírámù, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tó kún ọwọ́ méjì, àti ẹ̀kúnwọ́ kékeré ẹ̀pà yíyan, bíi gírámù 15. Lẹ́ńtìlì yóò mú bíi 19 wá, ìrẹsì bíi 5 àbọ̀, ẹ̀fọ́ bíi 2, ẹ̀pà bíi 3 àbọ̀. Ó pé 30. Ẹ ò rí i pé lẹ́ńtìlì àti ìrẹsì dọ́gba? Àwa ará Èkó fẹ́ràn kí ìrẹsì kún abọ́, kí ẹ̀wà kàn fara hàn lórí rẹ̀. Bí ẹ bá ṣe é bẹ́ẹ̀, ikùn á yó, ṣùgbọ́n purotéènì kò ní pé. Síbẹ̀ ẹ má yọ ìrẹsì kúrò. Oríṣi èròjà purotéènì kan tí lẹ́ńtìlì kò ní púpọ̀ wà nínú ìrẹsì, èyí tí ìrẹsì kò ní púpọ̀ sì wà nínú lẹ́ńtìlì.

Ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Íńdíà ní Ìlúpéjú ni mo ti ń ra lẹ́ńtìlì. Èyí tó pupa máa ń fọ́ sínú omi bíi gbẹ̀gìrì, àwọ̀ rẹ̀ á sì di yẹ́lò. Aláwọ̀ ilẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé hóró rẹ̀ kì í fọ́, mo sì lè rí ohun tí mo ń bù. Bí owó rẹ̀ bá pọ̀ jù, ẹ̀wà olóyin láti Mushin tàbí Òyìngbò á ṣe iṣẹ́ náà, purotéènì wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba bí méjèèjì bá gbẹ. Gáàsì nìkan ni yóò jó jù.

Ó wá kan wíwọ̀n. Nínú 100 gírámù lẹ́ńtìlì gbígbẹ, purotéènì bíi 24 gírámù ló wà. Ohun tí wọ́n máa ń kọ sí ara ọ̀rá rẹ̀ nìyẹn. Tí ẹ bá sè é, á fa omi mu, ìwúwo rẹ̀ á di bíi 260 gírámù. Omi ló wọlé, purotéènì kò lé, kò sì dín. Nítorí náà, bí ẹ bá wọn 100 gírámù nínú èyí tó ti jinná, bíi 9 péré lẹ máa rí. Bákan náà ni ìrẹsì: èyí tí a kò tíì sè ní bíi 7, jíjinná kò tó 3. Ẹ wọn gbogbo rẹ̀ kó tó kan omi. Ẹ má ṣe wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí ẹ bá ti rẹ ẹ́ pàápàá, torí ó ti mu omi nígbà yẹn.

Bí ẹ kò bá ní òṣùwọ̀n, ẹ má jẹ́ kíyẹn dá yín dúró. Ẹ ra ọ̀rá 500 gírámù, ẹ fi ife kan náà pín in sínú abọ́ márùn-ún kó dọ́gba. Abọ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 100 gírámù. Ẹ da ọ̀kan sínú agolo mílíìkì tó ṣófo, ẹ fi bírò fa ìlà síbi tó dé. Ìlà yẹn ni òṣùwọ̀n 100 gírámù yín láti òní lọ; bí ẹ bá fẹ́ 80, ẹ bù ú kó dé ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún gíga ìlà náà. Èmi ní òṣùwọ̀n, agolo yẹn ni mo ṣì ń lò lójoojúmọ́. Kí ẹ tún un ṣe fún ìrẹsì, torí agolo kan náà kò ní fún wọn ní ìwúwo kan náà.

Ẹ ṣa òkúta, ẹ fọ lẹ́ńtìlì títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, ẹ fi omi ìlọ́po mẹ́ta gbé e kaná. Ẹ yọ ìfófòó tó bá léfòó. Lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú 25, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka tẹ hóró kan: bó bá tẹ́ láìsí kókó funfun tó le láàárín, ó ti jinná. Kí ẹ tó da ata àti tòmátì sí i, ẹ dúró de ìgbà yìí. Kíkan tòmátì kì í jẹ́ kó tètè rọ̀, mo ti rí ẹni tó se é fún wákàtí kan gbáko nítorí ìyẹn. Ẹ má fi kánún sí i. Kò nílò rẹ̀, ó sì ń pa fítámì B1. Irú ni kẹ́ ẹ fi sí i kó dùn. Ẹni tó bá ń bá yín se oúnjẹ, ẹ sọ fún un pé kó má fọ́n edé sí i. Ọwọ́ ti mọ́ ọn lára púpọ̀. Ẹ̀fọ́ ni kó gbẹ̀yìn, ìṣẹ́jú mẹ́ta tó o. Ìkòkò ọ̀tọ̀ ni kí ẹ fi se ìrẹsì, kí ẹ lè mọ èyí tí ẹ ń bù.

Bó bá jẹ́ ẹni mẹ́ta ló fẹ́ jẹ, ìṣòro míì tún wà níbẹ̀: ẹ ti wọn 240 gírámù gbígbẹ, ṣùgbọ́n ta ló mọ ìpín ẹnì kan nínú ìkòkò tó ti ní ata, òróró àti ẹ̀fọ́? Ẹ mú ìgbakọ, ẹ bu gbogbo rẹ̀ sínú abọ́ ńlá, kí ẹ sì máa kà á bí ẹ ṣe ń bù ú. Bó bá jẹ́ méjìlá, mẹ́rin mẹ́rin ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ rò ó pọ̀ kí ẹ tó máa bù ú, torí hóró máa ń rọ̀ sísàlẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ bù á kó omi ọbẹ̀ lọ, ẹni ìkẹyìn á sì kó purotéènì àwọn méjì tó kù. Bí ìgbakọ mẹ́rin yẹn pẹ̀lú ìrẹsì bá pọ̀ jù fún yín lẹ́ẹ̀kan, ìrẹsì ni kí ẹ dín, kí ẹ má dín lẹ́ńtìlì, kí ẹ sì fi ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ míì dí i.