Bí Kọ́mà Kan Ṣe Sọ Ẹgbẹ̀rún Méjìlá Ààbọ̀ Di Méjìlá Ààbọ̀

Ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí Ọjà Ọba, ní Òṣogbo níbí, ni mo ti ń kọ́ àwọn aládìrẹ ní ìṣirò ọjà: bí wọ́n ṣe máa kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde sílẹ̀, bí wọ́n ṣe máa mọ èrè wọn. Nígbà tó yá, mo sọ ọ́ di kóòsì orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀kọ́ mẹ́fà, ìdánwò kékeré kan lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tíṣà kan ní Pọ́bẹ̀, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, gbọ́ nípa rẹ̀. Ó jù mí lọ, Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Ó ní àwọn obìnrin tó ń ta epo lọ́dọ̀ wọn á fẹ́ kọ́ ọ. Mo rò pé Yorùbá kan náà kúkú ni, kí n pa náírà rẹ́, kí n kọ sẹ́fà sí i, ó parí.

Ìbéèrè kan nínú ẹ̀kọ́ kẹta ló kọ́kọ́ dá mi dúró. Aládìrẹ kan ra aṣọ funfun ní ₦45,000, ó ra aró àti sódà ní ₦9,500, ó san owó ọkọ̀ ₦5,500, ó wá ta gbogbo rẹ̀ ní ₦72,500. Èló lèrè rẹ̀? Ìdáhùn ni ₦12,500. Mo fi mẹ́ta mìíràn sí i kí akẹ́kọ̀ọ́ yan èyí tó tọ́: ₦18,000, ₦22,000 àti ₦72,500. Mi ò ṣàdédé hùmọ̀ àwọn yẹn o. Ẹni tó bá yan 18,000 ti gbàgbé owó ọkọ̀. Ẹni tó bá yan 22,000 ti gbàgbé aró. Ẹni tó bá yan 72,500 rò pé gbogbo owó tó wọlé lèrè, àṣìṣe tí mo sì máa ń rí jù nìyẹn. Ìdáhùn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣì yàn ló ń sọ ibi tí mo gbọ́dọ̀ padà lọ kọ́ ọ.

Mo ṣírò gbogbo rẹ̀ sí sẹ́fà, mo fi ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà. "Àbúrò, ta ni yóò ra nǹkan ní iye báyìí lọ́jà wa?" Òótọ́ ló sọ. Nọ́ńbà tó bá ti inú ṣíṣẹ́ owó jáde máa ń rí wúruwùru, àwọn ọlọ́jà ibẹ̀ kì í sì í sábà ṣe ṣéńjì tó kéré sí sẹ́fà márùn-ún. Ó tún béèrè ìdí tí mo fi ń bá alepo sọ̀rọ̀ aró.

Nítorí náà, a tún ìtàn náà kọ láti ìpìlẹ̀. Alepo kan ní Pọ́bẹ̀ ra kẹ́ẹ̀gì epo méjì, onílítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ní 17 500 sẹ́fà ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó san 1 500 fún ọlọ́kadà. Ó ta lítà àádọ́ta náà ní 850 lítà kan. Owó tó wọlé jẹ́ 42 500, èyí tó jáde jẹ́ 36 500, èrè jẹ́ 6 000. Lẹ́yìn náà la wá wá àwọn àṣìṣe rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ẹni tó gbàgbé ọ̀kadà á rí 7 500, ẹni tó yọ owó kẹ́ẹ̀gì kan ṣoṣo á rí 23 500, ẹni tó ka gbogbo owó sí èrè á rí 42 500. Ká ní ìdáhùn tó tọ́ nìkan la tún ṣe, tí a sì kàn fi nọ́ńbà èyíkéyìí sí mẹ́ta yòókù, ìdánwò náà á ṣì máa fún wọn ní máàkì, ṣùgbọ́n kò ní lè sọ ohun tó ṣe akẹ́kọ̀ọ́ fún wa mọ́.

Ẹ̀kọ́ owó orí ọjà ò gbà wá lákòókò. Ní Nàìjíríà, 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ní Bẹ̀nẹ̀, 18 ni. Lórí ọjà 40,000, ó jẹ́ 3,000 lọ́dọ̀ wa, ó sì jẹ́ 7 200 lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ ó ti rí i pé kọ́mà ni mo fi ya ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀ nínú náírà, àlàfo sì ni mo lò nínú sẹ́fà. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nílẹ̀ tó ń sọ Faransé nìyẹn. Níbẹ̀, kọ́mà ló ń ya odidi sọ́tọ̀ kúrò lára ìdá, bí pọ́íǹtì ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ wa. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mi ò ronú kàn ni pé ẹ̀rọ tó ń fún wọn ní máàkì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mò ń tún kóòsì náà ṣe, mo yí ọ̀nà ìkọ nọ́ńbà rẹ̀ sí ti Faransé fún gbogbo ènìyàn.

Nínú ìdánwò àṣekágbá, mo mú ìtàn aládìrẹ padà wá láìsí ohun tí wọ́n á yàn. Akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ni yóò tẹ nọ́ńbà. Àwọn mẹ́rìnlá ló kọ́kọ́ ṣe é ní Òṣogbo, mẹ́sàn-án sì kùnà ìbéèrè yẹn, tó fi mọ́ ìyá kan tó mọ ìṣirò ju èmi gan-an lọ. Ó fi ìwé tó fi ṣe é hàn mí: 12,500, kedere. Ọkàn mi bàjẹ́, nítorí ó ti gbà pé òun ló ṣì í.

Mo ṣí àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n tẹ̀ gan-an, kì í ṣe máàkì nìkan. Àwọn márùn-ún tó yege tẹ 12500 láìsí àmì kankan. Àwọn mẹ́sàn-án tó kùnà tẹ 12,500. Nínú òpó tí ẹ̀rọ ń fi ohun tó kà hàn sí, 12.5 ló wà níwájú gbogbo wọn. Ẹ̀rọ ti ka kọ́mà sí ibi tí odidi parí sí. Bí ẹ bá rí i pé ọ̀pọ̀ tó mọ̀ ọ́n kùnà ìbéèrè kan ṣoṣo, ẹ lọ wo ohun tí wọ́n tẹ̀ kí ẹ tó dá wọn lẹ́bi.

Mo kọ́kọ́ kọ ìtọ́sọ́nà sókè ìbéèrè náà pé kí wọ́n má fi àmì kankan sí i. Kò tó. Ẹni tó ti ń kọ 12,500 láti ogún ọdún yóò ṣì kọ ọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà bá mi fi ìlà kan sí i, tó ń yọ gbogbo ohun tí kì í ṣe nọ́ńbà kúrò kí ẹ̀rọ tó fún wọn ní máàkì:

```
idahun = idahun.replace(/[^0-9]/g, "")
```

Báyìí, 12,500, 12 500 àti 12500 di ọ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tó gbọ́dọ̀ dúró. Ó ń yọ pọ́íǹtì pẹ̀lú, nítorí náà 7.5 á di 75. Ó tún ń yọ àmì àyọkúrò: ẹni tó kọ -6000 nítorí pé ọjà wọ gbèsè á di ẹni tó jèrè 6000. Nítorí èyí, ibi tí ìdáhùn bá ti jẹ́ odidi owó tí kì í ṣe àdánù nìkan la fi í sí. Ìbéèrè ìdá nínú ọgọ́rùn-ún di ti yíyàn. Ti àdánù, a pín in sí méjì: akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́kọ́ yan "èrè" tàbí "àdánù", lẹ́yìn náà ló máa tẹ iye rẹ̀.

Ìbéèrè tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ dáhùn ló kù. Mo ní kí wọ́n kọ orúkọ owó tí à ń san fún awakọ̀, mò ń retí "owó ọkọ̀". Ní Òṣogbo, "owo oko" ni púpọ̀ nínú wọn tẹ̀, nítorí fóònù wọn ò ní àmì. Ní Bẹ̀nẹ̀, àwọn tó kọ́ ìwé Yorùbá nílé ẹ̀kọ́ kọ "owó ɔkɔ̀", bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ níbẹ̀. Kò sí èyí tó ṣì nínú wọn. Mo to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìdáhùn tí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ gbà, mo sì sọ èyí tó bá lè rú lójú di ti yíyàn.

Nínú ìtọ́sọ́nà, níbi tí mo ti kọ "tẹ `Submit`", àwọn ará Pọ́bẹ̀ ń wá a kiri, nítorí `Envoyer` ló wà lójú fóònù wọn. Mo ya àwòrán ojú fóònù méjèèjì, mo fi ti oníkálukú sí kóòsì tirẹ̀.

Mo ní kí àwọn mẹ́sàn-án yẹn tún ìdánwò náà ṣe. Ìyá tó fi ìwé rẹ̀ hàn mí tẹ 12,500 bó ṣe kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kọ́mà rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀rọ sì gbà á.