Màlúù mélòó ni hẹ́kítà kan lè bọ́? Ibi tí ìṣirò ti máa ń wọ́

Ìbéèrè tí àwọn olùsìn ẹran máa ń kọ́kọ́ bi mí nìyí. Bí ẹnì kan bá dá yín lóhùn lójú ẹsẹ̀, tí kò béèrè bí màlúù náà ṣe wúwo tó, iye ọjọ́ tí yóò lò lórí ilẹ̀ náà àti iye koríko tó wà níbẹ̀, ẹni náà ń dífá láìní ọ̀pẹ̀lẹ̀ lọ́wọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká mú pápá kan ṣoṣo, ká sì máa bá a bọ̀. Ìwé ilẹ̀ sọ pé hẹ́kítà 12 ni. Ṣùgbọ́n hẹ́kítà 2 nínú rẹ̀ jẹ́ àpáta àti igbó ẹlẹ́gùn-ún tí ẹran kì í wọ̀, nítorí náà 10 la óò lò. (Àṣìṣe kìíní rèé: ìwé ilẹ̀ ka àpáta mọ́ ọn, màlúù kì í jẹ àpáta.) Màlúù tí ẹni tó ni ín fẹ́ kó síbẹ̀ wúwo tó 250 kílò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì wà níbẹ̀ fún odidi ọdún kan. Kó tó pè mí, ó ti ṣírò tirẹ̀: ó ní màlúù 52 ni pápá òun lè bọ́. Mo ní kó gbé ìwé tó fi ṣírò wá.

"Mo gé koríko, mo sì wọ̀n ọ́n. Kí ló tún kù?"

Ó ti ṣe dáadáa tó fi gé e, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ó kan férémù onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ ìdajì mítà, ó gbé e kalẹ̀ síbi 15 káàkiri pápá, ó sì fi dòjé gé gbogbo koríko tó bọ́ sínú rẹ̀. Ó wọ̀n wọ́n, ó rí 300 gíráàmù fún férémù kan, bí a bá pín gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Férémù bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin mítà alápá mẹ́rin, nítorí náà ẹ óò fi 40 sọ gíráàmù tí ẹ bá rí di púpọ̀, yóò sì di kílò fún hẹ́kítà. 300 lọ́nà 40 jẹ́ 12,000 kílò lórí hẹ́kítà kan. Iye yìí ló fi rí màlúù 52 rẹ̀.

Tútù ni koríko náà wà nígbà tó wọ̀n ọ́n. Nínú koríko tútù tó ń dàgbà, omi lè tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹran ò sì lè fi omi sanra. Gbogbo iye tí ẹ máa ń gbọ́ nípa ohun tí màlúù ń jẹ lójúmọ́, koríko gbígbẹ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Mo ní kó sá gbogbo rẹ̀ sóòrùn, kó máa yí i, kó sì wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́ títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní lọ sílẹ̀ mọ́. Ó pe mí lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀: 300 ti di 75. 75 lọ́nà 40 jẹ́ 3,000 kílò.

Àwọn ohun méjì mìíràn tún wà tí àwọn tó ń gé koríko kì í kíyè sí. Wọ́n máa ń gbé férémù síbi tí koríko ti dára lójú wọn. Ẹ má fi ojú yan ibi tí ẹ óò gbé e sí: ẹ máa rìn, kí ẹ máa ka ìṣísẹ̀, kí ẹ sì gbé e kalẹ̀ níbikíbi tí iye ìṣísẹ̀ yín bá parí sí, kódà bó bá bọ́ sórí ilẹ̀ tó pá. Èkejì ni pé wọ́n máa ń gé e níbi tí ẹran ti ń jẹ lọ́wọ́. Ohun tí ẹ bá gé níbẹ̀ jẹ́ ìyókù, kì í ṣe gbogbo ohun tí ilẹ̀ mú jáde lọ́dún. Ẹ fi àgò wáyà bo àwọn ibi díẹ̀ kí koríko tó bẹ̀rẹ̀ sí í hù, kí ẹ sì gé e nígbà tó bá dàgbà tán.

"Ó dáa, 3,000 kílò. Ṣé kí n wá fi ohun tí màlúù kan ń jẹ pín in?"

Ibí yìí ni àṣìṣe tó ń ba pápá jẹ́ jù wà, àwọn tó mọ ìṣirò gan-an náà sì máa ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹnu màlúù. Lójúmọ́, ó ń jẹ koríko gbígbẹ tó tó nǹkan bí ìdá 2.5 nínú 100 ìwúwo ara rẹ̀. Fún màlúù 250 kílò, 6.25 kílò lójúmọ́ nìyẹn, nǹkan bí 2,281 kílò lọ́dún. Hẹ́kítà 10 lọ́nà 3,000 jẹ́ 30,000 kílò. Bí ẹ bá fi 2,281 pín in, ẹ óò rí màlúù 13.

Bí màlúù 13 bá jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé wọ́n jẹ gbogbo ewé tó wà lórí ilẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́ kan erùpẹ̀. Ewé ni koríko fi ń se oúnjẹ ara rẹ̀. Nígbà tí ewé bá tán, gbòǹgbò á dúró láìdàgbà, á sì máa kú díẹ̀díẹ̀. Tó bá wá di àsìkò àtihù, koríko tó dára kò ní lágbára mọ́, èyí tí ẹran kì í jẹ ló máa gba ilẹ̀. Ohun tó sì tún wà níbẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ẹnu ò bá jẹ ló máa ṣẹ́kù. Pátákò á tẹ̀ lára rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìgbẹ́ á bo òmíràn, ikán àti tata á jẹ tiwọn, ewé gbígbẹ á sì rẹ̀ sílẹ̀.

Nítorí náà, lórí pápá tí koríko ń hù fúnra rẹ̀, ìdá 25 sí 30 nínú 100 lẹ máa kà sí oúnjẹ. Bó bá jẹ́ koríko tí a gbìn, tí a ń fún nísinmi dáadáa láàárín ìjẹko kan àti èkejì, ẹ lè lọ sókè sí ìdajì. Pápá tiwa yìí, koríko inú rẹ̀ kò sẹ́ni tó gbìn ín. Mo mú 30: 900 kílò lórí hẹ́kítà kan, 9,000 kílò lórí gbogbo rẹ̀. 9,000 tí a fi 2,281 pín jẹ́ 3.9. Màlúù 3 nìyẹn, tàbí 4 bí ẹ bá fẹ́ sún un sókè díẹ̀.

Ẹ wo àrà: orí koríko kan náà, lórí ilẹ̀ kan náà, a ti rí 52, a ti rí 13, a sì ti rí 4. Ọkùnrin náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ lórí fóònù. N kò dá a lẹ́bi.

"Màlúù mẹ́rin lórí hẹ́kítà 10? Ilẹ̀ mi ò burú tó bẹ́ẹ̀!"

Ilẹ̀ náà kò burú. Ọdún gígùn ni. Iye ẹran kì í dá dúró, ọjọ́ ló ń bá a rìn. Bí àwọn màlúù náà bá máa lo ọjọ́ 180 péré níbẹ̀, kí a tó kó wọn lọ síbòmíràn, màlúù kọ̀ọ̀kan á jẹ 1,125 kílò, pápá yẹn á sì bọ́ màlúù 8. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé hẹ́kítà òun ń bọ́ màlúù kan, ẹ bi í pé: fún oṣù mélòó?

"Ọmọ màlúù ni mo fẹ́ kó, wọn kò tóbi. Ṣé wọn kò lè pọ̀ jù bẹ́ẹ̀?"

Wọ́n lè pọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ẹ ṣe rò. Orí ni ẹ ń kà, ara sì ni koríko ń bọ́. Ọmọ màlúù 8 tó wúwo tó 125 kílò jọ màlúù 4 lónìí. Bí wọ́n bá dàgbà dé 230 kílò kí ọdún tó parí, wọ́n ti ju màlúù 7 lọ, orí ò sì pọ̀ sí i. Ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ àti ìwọ̀n ìparí ni kí ẹ pa pọ̀, kí ẹ sì pín in sí méjì: nǹkan bí 178 kílò. Lórí pápá yìí, ọmọ màlúù 5 ló yẹ.

Ní ti àgùntàn àti ewúrẹ́, ẹran kékeré ń jẹ ju ẹran ńlá lọ bí a bá fi ìwúwo ara wọn wé e. Àgùntàn 25 kílò lè jẹ nǹkan bí ìdá 3.5 nínú 100 ìwúwo rẹ̀ lójúmọ́, nítorí náà 7 ni yóò gba àyè màlúù kan, kì í ṣe 10.

"Ẹran mi ṣì ń dán. Ṣé ìyẹn ò fi hàn pé mi ò tíì kó wọn jù?"

Rárá o. Ara ẹran ló máa ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ilẹ̀ á ti máa bàjẹ́ fún ìgbà pípẹ́ kí egbegbé ẹran tó yọ, nítorí màlúù á kọ́kọ́ máa ṣa ohun tó dára jẹ. Ilẹ̀ ni kí ẹ wò. Ẹ wá koríko tí ẹran fẹ́ràn jù: ṣé wọ́n ti jẹ ẹ́ kù díẹ̀ kó kan ilẹ̀, tí wọ́n sì tún padà wá já ọ̀mùnú rẹ̀ kó tó ga? Ṣé àlàfo tó pá láàárín ìdí koríko ń fẹ̀ sí i? Ṣé òjò tó ń rọ̀ ń ṣàn lọ pẹ̀lú erùpẹ̀ dípò kó wọlẹ̀? Ṣé igi ẹlẹ́gùn-ún àti èpò tí ẹran kì í fẹnu kàn ń pọ̀? Bí ẹ bá rí méjì nínú wọn, ẹran ti pọ̀ jù, bó ti wù kí ara wọn máa dán tó.

"Bí mo bá pín pápá sí mẹ́rin, tí mò ń kó wọn yípo, ṣé mo lè sọ ẹran di ìlọ́po méjì?"

Ìyípo ń fún koríko nísinmi, ó sì ń jẹ́ kí ẹran jẹ ẹ́ kárí. Kò lè sọ 3,000 kílò di 6,000. Pápá tí ẹran ti pọ̀ jù lórí rẹ̀, bí ẹ bá pín in sí mẹ́rin, á di pápá kékeré mẹ́rin tí ẹran pọ̀ jù lórí wọn.

"Ọdún tí òjò bá kọ̀ ńkọ́?"

Iye ọdún tó kọjá kò wúlò fún ọdún yìí. Nígbà tí koríko bá dàgbà tán ni kí ẹ tún gé e, kí ẹ tún sá a, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n, nítorí ohun tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni ẹran máa jẹ títí àsìkò àtihù tó ń bọ̀, ìbáà jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn ló wà láàárín ìbáà jẹ́ òtútù. Lórí pápá yìí, ká ní 50 gíráàmù ni férémù mú wá lọ́dún tó tẹ̀ lé e: 2,000 kílò ni, 600 ló ṣeé jẹ, 6,000 lórí hẹ́kítà 10. Màlúù 2 ni, kò tó 3. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá rí iye yẹn ni kí ẹ tà tàbí kí ẹ kó àwọn tó lé kúrò, nígbà tí ara wọn ṣì dára. Ẹni tó bá dúró títí koríko fi tán á ta ẹran rírù ní ọ̀sẹ̀ kan náà tí gbogbo àwọn yòókù ń ta tiwọn.