Òdo Tí Kì Í Ṣe Òdo Lára Agolo Kirímà

Dókítà ní kí ìyá mi ní Kubwa ṣọ́ ọ̀rá, èmi ni mo sì ń kọ èyí tí wọ́n ń jẹ sílẹ̀. Lára agolo kirímà tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà, ìwọ̀n ìlò ẹ̀ẹ̀kan jẹ́ giráàmù 2, ọ̀rá rẹ̀ 0. Mo kọ òdo, ọkàn mi balẹ̀.

Ìgbà tí mo rí àpò ńlá kirímà kan náà ní ọjà Wuse, ti giráàmù 100 ni wọ́n kọ sí i: ọ̀rá 20. Mo rò pé ayédèrú ni ọ̀kan nínú wọn.

Mo jókòó ṣírò rẹ̀:

20 × 2 ÷ 100 = 0.4

Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, bí ọ̀rá inú ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan kò bá tó ààbọ̀ giráàmù, òdo ni wọn yóò kọ. Kò sẹ́ni tó purọ́. Èmi ni mo fi òdo tí wọ́n sọ 0.4 dà ṣe ìsọdipúpọ̀. Òdo lọ́nà àádọ́ta, òdo náà ni.

Ta ló tilẹ̀ ń bu giráàmù 2 sí tíì? Mo wọn ti ìyá mi: giráàmù 30 lójúmọ́, ìyẹn ọ̀rá giráàmù 6.

Ní báyìí, ti giráàmù 100 ni mo fi ń ṣírò, ìparí ni mo tó ń sọ ọ́ di odidi. Bí ti giráàmù 100 kò bá sí níbẹ̀, mo máa ń ka òdo kọ̀ọ̀kan sí ohun tó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ààbọ̀ giráàmù. Lẹ́yìn náà, mo máa ń wo àwọn èròjà: bí òróró bá wà lókè, òdo yẹn kò ṣófo.