Ẹ kọ́kọ́ sàmì sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kí ẹ tó fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ rẹ̀
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tẹ́ ẹ gbà sínú fóònù sílẹ̀, ẹ má tíì pa “ẹ̀ẹ̀” kankan rẹ́ o. Ẹ kọ́kọ́ fi B: ṣáájú ìlà tí abèèrè ti sọ̀rọ̀, kí ẹ fi D: ṣáájú ti olùdáhùn. Lẹ́yìn náà, nínú Word, ẹ tẹ Ctrl+H, kí ẹ pààrọ̀ ^pB: sí ^pÌbéèrè:, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún Ìdáhùn. ^p yìí, tó dúró fún òpin ìpínrọ̀ tó ṣáájú, ni kì í jẹ́ kó fọwọ́ kan B tó wà láàárín ọ̀rọ̀. Ìlà àkọ́kọ́ nìkan lẹ máa fọwọ́ tún ṣe. Ìgbà tí àmì bá ti wà ni ẹ tó máa rí i pé “ẹ̀n-ẹ́n” abèèrè ló gé ìdáhùn kan sí méjì. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ so ìdáhùn náà pọ̀. Bí aláró bá sọ pé, “Ẹ̀ẹ̀, àwa, ṣé ẹ rí i, a máa ń rẹ aṣọ, kí n sọ pé, a máa ń rẹ ẹ́ sínú aró,” ohun tó máa kù ni “A máa ń rẹ aṣọ sínú aró.” Àmọ́ ẹ má tẹ Replace All fún irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. “Ṣé ẹ rí i” lè jẹ́ pé aṣọ ló ń fi hàn yín lóòótọ́, “ẹ̀n” sì lè jẹ́ “bẹ́ẹ̀ ni” tó fi dáhùn ohun tí ẹ béèrè.