Owó ṣọ́ọ̀bù, owó ilé: ohun tí ẹ máa ń bi mí lójoojúmọ́

“Ẹ kú ọjà mà. Ṣé dandan ni kí n ní àkáǹtì méjì?”

Dandan ni. Orúkọ yín lè wà lórí méjèèjì. Kí oníbàárà máa sanwó sí ọ̀kan, kí ẹ máa ti inú èkejì jẹun.

“Mo ń san ₦50,000 fún ara mi lóṣooṣù. Ṣé kí n kọ ọ́ mọ́ owó oṣù ọmọ ṣọ́ọ̀bù?”

Rárá o. Owó oṣù ọmọ ṣọ́ọ̀bù jẹ́ ìnáwó ọjà. Tiyín kì í ṣe ìnáwó, torí ẹ̀yin gan-an lẹ ni ṣọ́ọ̀bù. Ẹ fa ìlà sínú ìwé, kí ẹ kọ “Èyí tí mo mú” sórí rẹ̀. Bí ṣọ́ọ̀bù bá jèrè ₦80,000, tí ẹ mú ₦50,000, èrè ṣì jẹ́ ₦80,000, owó òwò yín sì fi ₦30,000 lé sí i. Bí ẹ bá mú ₦100,000, ẹ ti jẹ ₦20,000 nínú owó òwò. Bí ẹ bá kọ ọ́ sí ìnáwó, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ọjà ni kò lérè tàbí ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́.

“Mo ti fi owó ṣọ́ọ̀bù san owó ilé-ìwé ọmọ. Ṣé kí n dá a padà?”

Ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ sí “Èyí tí mo mú”, lọ́jọ́ tó jáde. Bí ẹ bá dá a padà, ẹ yọ ọ́ níbẹ̀. Ẹ má kọ ọ́ bí ọjà tí ẹ tà. Mo mọ ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀, tó ń yọ̀ pé ọjà ti ń yá.

“Mo ya owó sọ́tọ̀, mi ò mú kọ́bọ̀, síbẹ̀ èrè ò pé. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù ni mo fura sí.”

Ẹ má tíì dá ọmọ ọlọ́mọ lẹ́bi. Èmi náà fura sí tèmi ní Òkè-Fìà níbí, mo sì fojú ọmọ náà rí màbo fún oṣù méjì. Ìrẹsì, òróró, tòmátò alágolo, mílíìkì àti ọṣẹ ni mò ń tà. Ohun tí mo bá rà ní ₦100, ₦110 ni mo ń tà á. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo na ọwọ́ sí agolo tòmátò nínú kíṣìn mi, mo rí iye owó tí ọmọ yẹn fi gègé kọ sí ìdí rẹ̀. Mo wo mílíìkì, ó wà níbẹ̀. Mo wo ọṣẹ, ó wà níbẹ̀. Ojú tì mí.

Lọ́jọ́ kejì mo fi okùn so ìwé kékeré kan mọ́ tábìlì ṣọ́ọ̀bù. Ohunkóhun tí mo bá mú lọ sílé, àní òróró tí mo gbé lọ fún ìyá mi ní Ẹdẹ, mo ń kọ ọ́ síbẹ̀, ní iye tí mo rà á. Ibí yìí lẹ máa ń ṣì: ẹ má kọ iye tí ẹ ń tà á. Ẹnì kan kì í jèrè lórí ara rẹ̀.

Ẹ wo bó ṣe rí lóṣù yẹn. Ọjà ₦600,000 ni mo bá lórí àtẹ, mo ra ₦900,000 kún un, ₦500,000 ló kù nígbà tí oṣù parí. Ọjà mílíọ̀nù kan náírà ti jáde nìyẹn, ó yẹ kí ó mú ₦1,100,000 wọlé. ₦1,034,000 ni mo rí, àwìn sì ti wà nínú rẹ̀. Mo ṣí ìwé kékeré náà, mo ro ó pọ̀: ₦60,000. Mo yọ ọ́ nínú ọjà tí mo rà, mo kọ ọ́ sí “Èyí tí mo mú”. Ọjà tí mo tà gan-an wá jẹ́ ₦940,000, èrè ìdá mẹ́wàá rẹ̀ sì jẹ́ ₦94,000. Àpapọ̀ rẹ̀ ni ₦1,034,000 géérégé. Kọ́bọ̀ kan ò sọnù. Mo bẹ ọmọ náà.

Bí àlàfo bá ṣì kù lẹ́yìn tí ẹ ti kọ gbogbo èyí tí ẹ mú, ẹ wo àwìn tí ẹ ò kọ, ọjà tó bàjẹ́ àti èyí tí ẹ dín lówó. Lẹ́yìn ìwọ̀nyẹn ni kí ẹ tó ronú kan olè.

“Mítà kan ni ilé àti ṣọ́ọ̀bù ń lò. Báwo ni kí n ṣe pín owó iná?”

Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná fi mítà kékeré sí ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kò nira. Bí kò bá tíì ṣeé ṣe, ẹ fojú wo ohun tó ń jẹ iná ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ pín in, ẹ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, ẹ má sì máa yí i padà lóṣooṣù bó ṣe wù yín. Ti ṣọ́ọ̀bù jẹ́ ìnáwó; ti ilé, “Èyí tí mo mú”.

“Ọdún méjì ni mi ò ti kọ nǹkan kan, mo sì fẹ́ yáwó ní báǹkì.”

Ẹ wá akáńtáǹtì, lónìí. Ẹ gba ìwé àkáǹtì ọdún méjèèjì ní báǹkì, kí ẹ fi ìlà sàmì sí gbogbo owó tó bá ilé lọ kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, torí òun kò lè mọ̀ pé owó aṣọ ẹbí ni ₦35,000 yẹn. Èyí tí ẹ ò bá rántí, ẹ sọ fún un pé ẹ ò rántí.